Ẹ Wo Orí Lẹ́tà Kí Ẹ Tó Gba Ẹrù Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń jẹ dátà nínú ímeèlì. Gbogbo àpilẹ̀kọ yìí, tòun ti àmì ohùn orí rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀, kò lè ju kílóbáìtì 25 lọ bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ sínú lẹ́tà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù òde òní yà sì sábà máa ń tó mẹ́gábáìtì 3 tàbí 4. Ìyẹn ni pé fọ́tò ìpàdé kan lè jẹ dátà tó tó fún ọgọ́rùn-ún irú àpilẹ̀kọ yìí, kó sì tún kù. Ẹni tí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ yá, tí dátà sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní fura. Àmọ́ níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti ń wọ́ tuurutu, tó jẹ́ dátà ọlọ́jọ́ kan làwọn èèyàn ń rà, fọ́tò mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè lè dí ọ̀nà mọ́ lẹ́tà oníkílóbáìtì 7 tí iṣẹ́ ọjọ́ náà dúró lé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kò pọn dandan kí fóònù gba gbogbo lẹ́tà kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ béèrè orí lẹ́tà nìkan: ta ló kọ ọ́, kí ni àkòrí rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n fi ránṣẹ́, báwo ló ṣe tóbi tó. Ó dà bí ẹni tó dé gáréèjì láti gba ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó, tó kọ́kọ́ gba wébíìlì lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, tó kà á, kó tó pe alábàárù. Èyí tó bá wúlò lónìí, á gbé e. Èyí tó bá lè dúró, á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ tí áàpù fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú lẹ́tà fúnni títí a ó fi wá a wá. Èkíní ni POP3. Ìlànà rẹ̀ ti 1996 fàyè gba àṣẹ kan tó ń jẹ́ `TOP`, tí áàpù fi lè béèrè orí lẹ́tà àti ìlà díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò fi í ṣe dandan fún sáfà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá fẹ́ lẹ́tà náà, odindi rẹ̀ lẹ ó gbà. POP3 ò lè fún yín ní ọ̀rọ̀ kó fi fọ́tò sílẹ̀.

Èkejì ni IMAP, tí Mark Crispin dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní 1986. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, orí sáfà ni lẹ́tà ń gbé, ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín kàn ń béèrè ohun tó bá fẹ́ ni. Ó lè béèrè ìwọ̀n lẹ́tà. Ó lè béèrè orí rẹ̀. Ó lè béèrè bí wọ́n ṣe to inú rẹ̀, kó sì wá mú ẹyọ kan péré níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ló yẹ ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ áàpù ímeèlì tó ṣeé gbé sórí fóònù lónìí mọ̀ ọ́n lò.

Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní Kíṣì, ní Òkè Ògùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, àmì E ló hàn lórí fóònù rẹ̀ níbi tó yẹ kí 4G wà, ohun tó sì ń rí gbà kò ju kílóbíìtì 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́tà tuntun mẹ́fà ló ń dúró dè é. Kí áàpù rẹ̀ tó gba ohunkóhun, ó béèrè ìwọ̀n wọn. Bí sáfà ṣe dáhùn nìyí:

```
a3 FETCH 41:46 (RFC822.SIZE)
* 41 FETCH (RFC822.SIZE 18240)
* 42 FETCH (RFC822.SIZE 96310)
* 43 FETCH (RFC822.SIZE 12960411)
* 44 FETCH (RFC822.SIZE 7415)
* 45 FETCH (RFC822.SIZE 4310876)
* 46 FETCH (RFC822.SIZE 61120)
a3 OK FETCH completed
```

Báìtì ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 17 àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀. Bí obìnrin yìí bá jẹ́ kí áàpù fa gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe wà, bí iná E náà kò bá sì já rárá, á tó ìṣẹ́jú 23 kó tó parí. Ẹ sì wo ibi tí ìwúwo wà: lẹ́tà 43 àti 45 nìkan ló kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin tó kù lápapọ̀ kò tó kílóbáìtì 200.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, áàpù béèrè orúkọ olùkọ̀wé, àkòrí àti ọjọ́. Fún lẹ́tà mẹ́fà, ìyẹn kò ju kílóbáìtì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ bí áàpù bá mọ ohun tó yẹ kó béèrè. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ti máa ń wà láàárín áàpù kan àti òmíràn. Orí lẹ́tà òde òní gùn gan-an. Sáfà kọ̀ọ̀kan tó gbà á kọjá ló ń lẹ ìlà tirẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á tún fi àmì ìdánilójú pé kì í ṣe ayédèrú sí i, tí odindi orí lẹ́tà kan á fi tó kílóbáìtì 5 sí 10 kí a tó kan ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Áàpù tó gbọ́n kì í béèrè gbogbo ìyẹn. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí èèyàn fẹ́ rí lójú ló ń mú.

Akọ̀wé wá rí i pé 42 àti 46 jẹ́ ìpolówó ọjà. Ó pa wọ́n rẹ́ láìṣí wọn, kò sì ná dátà kankan lé ara wọn lórí. Lẹ́tà 41 wá láti báńkì, 44 wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń béèrè nípa owó àyálò. Ó ṣí àwọn méjèèjì. Lẹ́tà 45 jẹ́ iṣẹ́ ìwé ìkésíni tí atẹ̀wé ń ṣe fún ẹgbẹ́. Ìyẹn lè dúró. Lẹ́tà 43 ló le: ilé ẹgbẹ́ àpapọ̀ ní Ìbàdàn ló fi í ránṣẹ́, àkòrí rẹ̀ sì ni “Ìpàdé ọ̀sẹ̀ yìí”. Kò ṣeé fi sílẹ̀, kò sì ṣeé fà lódindi.

Nígbà náà ni ìbéèrè kẹta á wúlò. Áàpù béèrè bí wọ́n ṣe to inú lẹ́tà 43, sáfà sì dáhùn pé ẹ̀yà mẹ́fà ló wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí kò ju kílóbáìtì 2 lọ, PDF kan tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 1.1, àti fọ́tò mẹ́rin tó kó gbogbo ìyókù. Ó ṣeé ṣe báyìí láti béèrè ọ̀rọ̀ nìkan, kí a kà á, ká tó wá béèrè PDF:

```
a5 FETCH 43 (BODYSTRUCTURE)
a6 FETCH 43 (BODY.PEEK[1])
a7 FETCH 43 (BODY.PEEK[2])
```

Ọ̀rọ̀ náà sọ pé ètò ìpàdé wà nínú PDF, pé fọ́tò jẹ́ ti ìpàdé tó kọjá. Ó gba PDF, ó gbà tó ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, ó fi fọ́tò sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ná láàárọ̀ yẹn jẹ́ mẹ́gábáìtì 1.13, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ohun tí ì bá ná. Iṣẹ́ atẹ̀wé àti fọ́tò di ọjọ́ tó bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Wáífáì wà lọ́fíìsì kan tó máa ń yà sí.

A ò ní bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó o. Bí ẹni kan bá ra gígábáìtì kan ní náírà 500, mẹ́gábáìtì 17 kò tó náírà 10. Ẹni tó ń ra dátà kéékèèké lójoojúmọ́, tàbí tó ń ná owó ìpè lásán láìra dátà, ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí mẹ́gábáìtì kan. Ẹni tó gbé síìmù ìlú òyìnbó wálé, tó ń lò ó ní Èkó, tiẹ̀ lè san ìlọ́po-ìlọ́po. Síbẹ̀, fún akọ̀wé wa ní Kíṣì, àkókò ló kọ́kọ́ ń sọnù. Owó ń tẹ̀ lé e nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá já.

Ìyẹn gan-an sì ni ibi tí dátà ti ń ṣòfò jù. Ká ní áàpù ti gba mẹ́gábáìtì 10 nínú 13, tí nẹ́tíwọọ̀kì wá já. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ti ka mẹ́gábáìtì 10 yẹn sí yín lọ́rùn, ó ti lọ. Bí ó bá jẹ́ POP3, kò sí ọ̀nà láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti dúró; ìgbìyànjú kejì á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí ó bá já lẹ́ẹ̀mẹta níbi kan náà, mẹ́gábáìtì 30 ti wọlẹ̀, lẹ́tà kan ò sì tíì wọlé. IMAP ní ọ̀nà àbáyọ: áàpù lè béèrè àsomọ́ ní gígé-gígé, `BODY.PEEK[2]<0.65536>` fún kílóbáìtì 64 àkọ́kọ́, `BODY.PEEK[2]<65536.65536>` fún èyí tó tẹ̀ lé e, kó máa to wọ́n jọ. Bí iná bá já, gígé kan péré ló sọnù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo áàpù ló ń ṣe é, àwọn mìíràn sì ń ṣe é tí wọ́n á tún da gígé tí wọ́n ti gbà nù bí ẹ bá pa áàpù náà. Ẹ lè dá irú rẹ̀ mọ̀: bí ìlà tó ń fi ìgbàwọlé hàn bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí nẹ́tíwọọ̀kì já, tí iye dátà tí áàpù náà ti ná nínú Settings fóònù sì ń gun òkè láìsí fáìlì tó pé, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ fi sílẹ̀ di ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ti dára.

Ẹni tó bá ń fojú sí nọ́ńbà á tún rí ohun kan tó lè yà á lẹ́nu. Fáìlì tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 9 àti ààbọ̀ lórí fóònù ẹni tó fi í ránṣẹ́ á di 13 lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n dá ímeèlì sílẹ̀ fún. Nígbà tí Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde ní 1992, tí ó jẹ́ kí lẹ́tà lè gbé fọ́tò àti ohùn, ọ̀nà tí fáìlì ń gbà rin ìrìn àjò ni pé wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà. Báìtì mẹ́ta-mẹ́ta á di mẹ́rin-mẹ́rin, ìlà á tún máa kún un. Gbogbo rẹ̀ á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta sanra sí i, díẹ̀ tún lé. Ìwọ̀n lẹ́yìn ìsanra yìí ni sáfà máa ń sọ, òun náà sì lẹ ó san owó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Gmail, tó fi mẹ́gábáìtì 25 ṣe ààlà, fi lè kọ fáìlì tí ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ rò pé kò tó bẹ́ẹ̀.

Kò sí akọ̀wé kankan tó fẹ́ máa tẹ `FETCH` lọ́wọ́, áàpù ló ń ṣe é. Ohun tó kù fún oníṣẹ́ ni láti mọ ibi tí wọ́n ti ń yí i. Nínú K-9 Mail lórí Android, àti nínú Thunderbird ti Android tó jáde lọ́dún 2024 láti ara K-9 kan náà, ẹ wá “Fetch messages up to” nínú ètò àkáǹtì yín. Ibẹ̀ lẹ ti máa yan ìwọ̀n kan, bíi kílóbáìtì 32. Lẹ́tà tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ á wọlé lódindi; èyí tó bá tóbi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wọlé, àsomọ́ á dúró lórí sáfà títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Fún iṣẹ́ akọ̀wé, 32 yẹn tó. Ẹ má gbé e sókè nítorí pé ẹ fẹ́ kí nǹkan “pé”.

Áàpù Gmail ní tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ àkáǹtì kọ̀ọ̀kan: “Days of emails to sync” ń sọ iye ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ á wà lórí fóònù, “Download attachments” sì ń sọ bóyá àsomọ́ lè máa wọlé fúnra rẹ̀ bí Wáífáì bá wà. Èyí kejì yìí ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà láìmọ̀. Ẹni tó ń lo MiFi, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀ tó ń pín nẹ́tíwọọ̀kì fáwọn fóònù inú ilé, dátà síìmù náà ló ń ná. Fóònù rẹ̀ ò mọ̀. Wáífáì ló rí, ó sì máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni. Àsomọ́ á máa wọlé wìtìwìtì, bí ẹni pé kò sówó lórí rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ò le: ẹ yọ àmì kúrò nínú “Download attachments”, tàbí kí ẹ ṣí ètò Wáífáì náà lórí Android, kí ẹ sọ fún un pé “Treat as metered”.

Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àkáǹtì IMAP sórí Thunderbird, ìwà àbínibí áàpù náà ni láti da gbogbo lẹ́tà tó wà nínú gbogbo àpò kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí oníṣẹ́ lè kà á bí kò bá sí nẹ́tíwọọ̀kì. Ó dára bí lẹ́tà bá kéré. Ẹni tí lẹ́tà ọdún mẹ́wàá rẹ̀ ti di gígábáìtì 8 á kàn rí i pé dátà oṣù kan ti tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú “Account Settings”, lábẹ́ “Synchronization & Storage”, ẹ yọ àmì kúrò lára ìlà tó ní kí ó tọ́jú lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ lo ìlà “Don't download messages larger than”, kí ẹ fi 50 KB síbẹ̀. Ẹ tètè ṣe é, gbàrà tí ẹ bá ti fi àkáǹtì sí i. Ẹni tó ṣì ń lo POP lórí Thunderbird náà á rí “Fetch headers only” lábẹ́ “Server Settings”.

Fọ́tò kan tún wà tí kì í hàn nínú ìwọ̀n lẹ́tà rárá. Lẹ́tà ìpolówó ilé ìtajà kan lè jẹ́ kílóbáìtì 96 lọ́dọ̀ sáfà, àmọ́ bí ẹ bá ṣí i, áàpù á tún lọ fa àwọn àwòrán bàtà àti aṣọ wá láti ojú òpó ilé ìtajà náà. Inú lẹ́tà kọ́ ni wọ́n wà. Àdírẹ́sì wọn ló wà níbẹ̀. Ó lè ju mẹ́gábáìtì kan lọ, ó sì tún ń jẹ́ kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ mọ̀ pé ẹ ti ṣí i. Ẹ yan “Ask before displaying external images” nínú Gmail. K-9 kì í fà wọ́n wá àyàfi bí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdádúró àsomọ́ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí akọ̀wé bá fẹ́ dárí lẹ́tà 43 sí alága láti inú áàpù IMAP, áàpù náà ní láti kọ́kọ́ gba gbogbo mẹ́gábáìtì 13 sílẹ̀, kó tó tún fi 13 ránṣẹ́ padà. Mẹ́gábáìtì 26, fún ohun tó wà lórí sáfà tẹ́lẹ̀! Àwọn tó ń to ìlànà ímeèlì ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Ní 2006 wọ́n gbé àkójọ ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Lemonade jáde, èyí tó jẹ́ kí sáfà lè darí àsomọ́ láìkó o gba orí fóònù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn sáfà ni kò gbà á wọlé. Ohun tó rọrùn ni pé kí ẹ wọ àkáǹtì yín láti inú bùráúsà, kí ẹ darí lẹ́tà náà níbẹ̀. Sáfà ló máa gbé ẹrù náà, fóònù yín á kàn pàṣẹ ni.

Èkejì, ohun tí ẹ fi sílẹ̀ lórí sáfà kò sí lọ́wọ́ yín. Bí akọ̀wé bá wọ gbọ̀ngàn ìpàdé tí nẹ́tíwọọ̀kì kò sí rárá, PDF tí kò tíì gbà kò ní ṣí, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ hàn tó. Àṣà tó dára ni pé kí ó yẹ àsomọ́ tó máa lò lọ́la wò lálẹ́, kí ó gbà á nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá yá, kí ó ṣí i lẹ́ẹ̀kan láti rí i pé ó pé. Bákan náà, bí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà àtijọ́, kí ó rí i dájú pé orí sáfà ni áàpù ti ń wá a. Èyí tó bá ń wá a lórí fóònù nìkan á sọ pé kò sí, nígbà tó jẹ́ pé ara lẹ́tà náà ni kò tíì wọlé.

Apá tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, ohun tó sì lè ṣe ju ohun tí áàpù lè ṣe lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́fíìsì tí Wáífáì ti ń yá, ẹ bá wa fi ojú ìwé sínú ẹ̀rọ ní dúdú àti funfun dípò kí ẹ ya á ní fọ́tò aláwọ̀. Ẹ fi fọ́tò ayẹyẹ sínú lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má wà lórí lẹ́tà iṣẹ́. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ní gbọ̀ngàn ìlú, ẹ kọ ọ́ sínú ara lẹ́tà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú PDF nìkan ni wọ́n ti máa rí i.